Ohùn Tó Ń Pe Ẹṣin Tí Kò Sí

Inú máa ń tètè bí mi. Kí n yáa fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́. Bàbá mi ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ìbínú mi ló kọ́kọ́ jáde kí èmi alára tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní tiẹ̀ máa ń sọ pé bí wọ́n bá so wáyà mọ́ mi lára, gbogbo àdúgbò á rí iná lò. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni, eré ìdárayá ló máa ń sọ, àwọn èèyàn sì ń pè é ní Ẹnu-Ò-Sinmi. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ eré bọ́ọ̀lù ní ìlú tó wà lódìkejì ọ̀sà, ọkọ̀ náà sì dojú dé. Àwọn kan yọ láàyè. Wọ́n rí òkú àwọn kan. Wọn ò rí tiẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi ló ń pè mí, torí pé mo ti wà nínú ilé kó tó wọlé wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

"Ọkọ mi, Bàbá ti di ẹrù o. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Ajé, àwọn máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òdìkejì, àwọn fẹ́ lọ wá bàbá ọmọ mi. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń sá eré ẹṣin ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lójoojúmọ́ ní ilé tẹ́tẹ́ tó wà nítòsí."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

Mo ń gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń fi síbí lu àwo lẹ́yìn ọ̀hún.

"Mo ní a jọ máa lọ ni. Èmi náà ti lọ sí ilé tẹ́tẹ́ yẹn, mo ti gbọ́ ọ. Òun ni. Ṣé mi ò ní dá ohùn ọkọ mi mọ̀ ni?"

Bàbá mi ti dàgbà, àyà rẹ̀ kò le, ọkọ̀ tó ń gba ojú omi yẹn sì ni irú ọkọ̀ kan náà tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí jàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀ ni kò ti jẹ́ kí a ṣe ìsìn ìdágbére. Ó ní ta la fẹ́ dágbére fún? Ó ní òun ò tíì rí òkú. A fi í sílẹ̀, a ní ọgbẹ́ náà ṣì tutù, á gbà tó bá yá. Àṣé kò gbà rárá, ibi tí yóò ti rí ọmọ rẹ̀ ló ń wá kiri, ó sì ti rí i nínú iṣẹ́ tí èmi gan-an fi ń jẹun.

Mo ní láti sọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Eré fáṣúà, ìyẹn eré orí kọ̀ǹpútà, là ń ṣe ní ọ́fíìsì wa, eré ẹṣin, eré ajá, eré kẹ̀kẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé sójú tẹlifíṣọ̀n ní ilé tẹ́tẹ́. Ẹṣin inú rẹ̀ ń sáré, eruku ń sọ, àwọn òǹwòran ń pariwo. Kò sí ẹṣin, kò sí eruku, kò sì sí ẹnì kankan lórí àga òǹwòran. Àwọn ọmọ tó ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà ló ṣe gbogbo rẹ̀. Orúkọ pápá tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè tẹlifíṣọ̀n, Pápá Odò Tútù, ẹnì kan tó ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́. Kò síbi tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé yìí, ṣùgbọ́n bàbá mi gbà pé òdìkejì ọ̀sà ló wà.

Iṣẹ́ tèmi ni ohùn. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú máìkì nínú yàrá kékeré kan tí a fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, ó ń pe nọ́ńbà, ó ń pe àwọ̀ aṣọ, ó ń pariwo "ó ti bọ́ síwájú!" títí ohùn fi ń há a. Ó ní òun ò lè máa pariwo mọ́ ògiri bíi wèrè, ni mo bá bá a lẹ àwòrán ẹṣin kan mọ́ iwájú rẹ̀, òun ló ń pariwo mọ́. Èmi ni mo gé ohùn náà sí wẹ́wẹ́, tí mo fi orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a tó parí, kí àwọn olùyẹ̀wò tó yẹ eré náà wò tí wọ́n fọwọ́ sí i, kó tó dé àwọn ilé tẹ́tẹ́, omi ti gbé e lọ. Nítorí náà, lẹ́yìn tí a kò gbọ́ ọ lórí rédíò mọ́ ni ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń dún ní ilé tẹ́tẹ́ tó wà nítòsí ilé bàbá mi.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo sì gba ibẹ̀ lọ tààrà.

Yàrá gbọọrọ kan ni ilé tẹ́tẹ́ náà, àga oníke kún inú rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fà ya sì wà nílẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta wà lára ògiri. Obìnrin kaṣíà jókòó sẹ́yìn irin, ó ń fi ọwọ́ kan tẹ ẹ̀rọ, ó ń fi èkejì yọ tíkẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi wà ní ìlà iwájú pátápátá, ó gbé fìlà lé orúnkún, ó sì fi pẹ́ńsùlù káfíńtà há etí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí kò kan pákó mọ́. Kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé rẹ̀, kò sì ta á níbẹ̀ náà. Ńṣe ló jókòó bí ẹni tó wà nínú ìsìn.

Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún un lọ́nà tí kò yé mi lákọ̀ọ́kọ́. Ẹnì kan ra omi tútù wá fún un. Ẹnì kan wá kúnlẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkùnrin tírín kan tí wọ́n ń pè ní Mo-Fẹ́rẹ̀ẹ́-Jẹ, torí pé kò sí ọjọ́ kan tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ.

"Bàbá, ẹ bá wa bẹ ọmọ yín. Kó kàn jẹ́ kí ohùn ẹ̀ lọ sókè díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ tó bá ti rí i pé nọ́ńbà mẹ́rin máa jẹ. Mẹ́rin ò tíì jẹ láàárọ̀ yìí, ó ti tó àsìkò ẹ̀."

"Ẹ̀rọ tó ń mú ẹni tó máa jẹ kò rántí àárọ̀," ni mo sọ lẹ́yìn wọn. "Kò mọ̀ pé mẹ́rin ò jẹ. Gbogbo ìgbà ló ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

Bàbá mi yíjú. Ayọ̀ tó wà lójú rẹ̀ dùn mí ju ẹkún lọ.

"Ọmọ mi, o káre tó o wá. Jókòó, jókòó. Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wá gbọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ."

Kaṣíà pariwo pé òun ò gba tẹ́tẹ́ mọ́. Àwọn ẹṣin tò sẹ́nu géètì. Géètì ṣí.

"Wọ́n ti lọ o! Nọ́ńbà méjì, aṣọ pupa, ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú! Mẹ́fà ń tẹ̀ lé e! Ẹ máa wò ó, ẹ máa wò ó, márùn-ún ń gba ẹ̀gbẹ́ bọ̀!"

Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ ni mò ń gbọ́ ọ, bí ìgbà tí èèyàn ń ka ìrẹsì. Nínú yàrá yẹn, tí ó ń ti inú sípíkà tó ti bàjẹ́ jáde láàárín ariwo ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo di ẹ̀yìn àga mú, mo sì bínú sí ara mi pé mo ṣe bẹ́ẹ̀.

"Márùn-ún ni! Márùn-ún ti gbà á!"

Ìdajì yàrá kígbe, ìdajì tó kù fa tíkẹ́ẹ̀tì ya. Mo-Fẹ́rẹ̀ẹ́-Jẹ di orí mú. Mẹ́rin ló ṣe ìkejì.

"Ta ló jẹ?" Bàbá mi bi mí.

"Márùn-ún."

"Ìgbà wo ni wọ́n sá a?"

"Bàbá..."

"Mo ní ìgbà wo ni wọ́n sá a?"

"Nísinsìnyí ni wọ́n gbé e jáde."

"Ó dáa. Ẹni tẹ́ ẹ ní ó ti kú sínú omi láti ọjọ́ yìí, ta ló sọ fún un pé márùn-ún ló máa jẹ lónìí? Òkú mélòó lo mọ̀ tó ń rí ẹṣin?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ mi orí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí, kí n má sì purọ́, ìbéèrè gidi ni. Ká ní mo ní sùúrù ni, ǹ bá jókòó tì í kí n dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

"Bàbá, kò sí ẹṣin kankan! Kò sẹ́ni tó sá nǹkan kan! Kí eré yẹn tó bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti mú márùn-ún!"

Kaṣíà fi ìka lu irin iwájú rẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń pariwo fún? Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri níbẹ̀ yẹn pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é. A ò fi pa mọ́ fẹ́nikẹ́ni. Àwọn ni wọn ò kà á."

Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ "Ẹ má mu sìgá" sí, kò sì sí èyí tí àwọn oníbàárà ń kà nínú méjèèjì.

"Ta ló ń bá kọ̀ǹpútà jà?" ni Mo-Fẹ́rẹ̀ẹ́-Jẹ wí. "A mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà lẹ́ni tó ń wò ó tó sì ń ròyìn fún wa. Ẹni yẹn ni ọmọ Bàbá."

Mo mú bàbá mi jáde síta. A dúró lábẹ́ òjìji ògiri, ọkọ̀ ń kọjá, ó sì ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni mo gé ohùn náà, pé ẹ̀gbọ́n mi ti ka ohun gbogbo sílẹ̀ kó tó wọkọ̀, pé ẹ̀rọ ló ń tò ó. Ó gbọ́ mi parí. Bàbá mi kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èèyàn, ìdí nìyẹn tó fi ṣòroó bá jà.

"Ọmọ mi, mi ò ní o purọ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn ò tó àfojúbà. Àwọn tó yọ nínú omi náà ròyìn fún mi. Ẹnì kan ní òun rí i tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹnì kan ní òun ò rí i rárá. Ìwọ ròyìn fún mi, Mo-Fẹ́rẹ̀ẹ́-Jẹ ròyìn fún mi. Ohùn nìkan ni kò ròyìn, ohùn ni mo fi etí ara mi gbọ́."

"Tí mo bá fi hàn yín ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá fojú ara yín rí i?"

Ó rò ó. Ó yọ pẹ́ńsùlù kúrò létí, ó wò ó, ó dá a padà.

"Tó o bá fi hàn mí, mi ò ní wọkọ̀. Tó ò bá lè fi hàn mí, kó o má dí mi lọ́nà mọ́. Má sì dí ìyàwó lọ́nà."

Lọ́jọ́ kejì ló wá sí ọ́fíìsì wa. Aṣọ tó fi ń lọ sí ìpàdé ló wọ̀. Ọ̀gá mi, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un, ó sì sọ fún un tààrà pé kò sí bí òun ṣe lè mú un lọ síbi ẹ̀rọ tó ń mú nọ́ńbà fún àwọn ilé tẹ́tẹ́. Wọ́n ti tì í pa síbòmíràn, àwọn olùyẹ̀wò ló fi èdìdì dì í, òun ọ̀gá gan-an kò lè fọwọ́ kàn án, torí pé bí ẹnì kan bá lè yà á síbí tàbí síbẹ̀, ó ti di olè nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà rẹ̀ kan wà lórí tábìlì mi tí a fi ń ṣe ìdánwò, tí ẹnikẹ́ni kò fi ta tẹ́tẹ́. Ó ní kí n fi ìyẹn hàn án. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé fún wa.

Bàbá mi fọwọ́ pa etí tábìlì mi, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo tábìlì.

"Pákó àgbélẹ̀rọ," ó wí. "Kò ní pẹ́. Ó yá, ṣe é."

"Bàbá, ẹ fojú inú wo àpò kan, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀. Gbogbo ẹṣin ló ní òkúta tiẹ̀. Ẹṣin tí wọ́n ní owó kékeré ni wọ́n máa san lé lórí, òun ló ní òkúta tó pọ̀. Èyí tí wọ́n ní àwọn máa san owó ńlá lé lórí, tiẹ̀ ò tó nǹkan. Tí kaṣíà bá ti ní òun ò gba tẹ́tẹ́ mọ́, ẹ̀rọ á dijú, á ki ọwọ́ bọ àpò, á mú ọ̀kan. Ẹlẹ́yẹn ló jẹ. Á kó òkúta ẹlẹ́yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tún mú ẹnìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹni ìkẹyìn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Tó bá di eré tó kàn, wọ́n á da gbogbo òkúta padà."

"Ta ló ki ọwọ́ bọ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni, Bàbá. Ìṣirò ni. Kò mọ ẹṣin, kò mọ èèyàn."

"Àwọn tó ń fowó sí i ńkọ́? Ṣé àwọn náà lè jẹ?"

"Wọ́n lè jẹ. Ẹnì kan á jẹ lónìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pín òkúta yẹn àti owó tí wọ́n ní àwọn máa san, tó bá ti pẹ́, ohun tó ń wọlé sí ṣọ́ọ̀bù máa ń ju èyí tó ń jáde lọ. Bí wọ́n ṣe kàn án nìyẹn."

Ó mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ iye tí wọ́n ń ta pákó. Mo tẹ bọ́tìnì. Nọ́ńbà jáde lójú kọ̀ǹpútà: mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ ọ̀kan, ẹ̀yìn rẹ̀ mẹ́fà, títí lọ. Ẹṣin kankan kò tíì gbẹ́sẹ̀.

"Ẹ kà á, Bàbá. Ta ló jẹ?"

"Mẹ́ta."

Mo wá jẹ́ kí eré náà bẹ̀rẹ̀. Géètì ṣí, méjì bọ́ síwájú, mẹ́fà lé e, ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo bí ẹni pé ìlú ń jó, ọkàn èèyàn á sì fò tí kò bá mọ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀, mẹ́ta gba àárín wọn jáde, ó sì jẹ. A tún un ṣe. Nọ́ńbà kọ́kọ́ jáde, eré tẹ̀ lé e, kò sì yà lẹ́ẹ̀kan. Mo wo ojú bàbá mi, mo rò pé ó ti parí.

"Mo rí i," ó wí. "Ẹ̀rọ ló ń mú ẹni tó máa jẹ. Àwòrán lẹṣin. Mo gbà. Ṣùgbọ́n o ò tíì sọ nǹkan kan nípa ọmọ mi. Ṣé wọn ò lè gbé nọ́ńbà yẹn fún un níbi tó wà, kó sì máa kà á?"

Inú bí mi gan-an. Ó ku díẹ̀ kí n fọwọ́ gbá tábìlì. Ìgbà tí mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó di etí tábìlì náà mú ni ìbínú mi fò lọ, ẹ̀rù ló sì kù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ Ajé. Bí mi ò bá lè sọ ọ́ lọ́nà tó máa wọ̀ ọ́ létí, òun àti ìyàwó wa yóò wọkọ̀ náà, ọmọ kékeré yẹn á sì wà láàárín wọn.

Òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀nà hàn mí.

"Nǹkan tí a bá kàn pọ̀, ó máa ń ní oríkèé," ó wí. "Bó ti wù kí káfíńtà mọ̀ ọ́n tó, ibi tí pákó méjì ti pàdé á wà níbẹ̀. O ní o gé e, o ní ẹ̀rọ ń kàn án. Fi oríkèé ẹ̀ hàn mí."

Mo ṣí ohùn eré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wò. Ó hàn lójú kọ̀ǹpútà bí ìlà tó ń wú tó ń pẹlẹ. Mo fi íyáfóònù dé e létí, mo dín ìyára ohùn náà kù, mo sì fi ìka tọ́ka.

"Márùn-ún," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, díẹ̀díẹ̀. Ibì kan wà tí ohun gbogbo pa lọ́lọ́, tí ìró afẹ́fẹ́ yàrá pàápàá kò sí níbẹ̀, ibi tó yẹ kí ó ti mí. Lẹ́yìn náà, "ti bọ́ síwájú."

"Tún un ṣe," ni bàbá mi wí.

Mo tún un ṣe. Mo ṣí ibi tí mo kó nọ́ńbà sí. Ẹ̀gbọ́n mi pe márùn-ún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá ẹṣin náà mọ nǹkan kan. Ó pè é pẹ̀lú ìkánjú. Ó pè é bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jóná. Mo ní, "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn, Bàbá. Ọjọ́ kan náà ló kà wọ́n, lórí àga kan náà. Ẹ̀rọ ló ń mú èyí tó bá bá eré mu." Mo pa àwòrán rẹ́, kó má sí ẹṣin rárá lójú kọ̀ǹpútà, mo sì fọwọ́ ara mi tò ó: ẹ̀gbọ́n mi pariwo pé ọ̀kan jẹ. Mo yí i padà: ó pariwo pé mẹ́fà jẹ. Mo yí i padà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tún ń yọ̀, ayọ̀ kan náà, èémí kan náà, lójú kọ̀ǹpútà tó ti dúdú, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ó tó," ni bàbá mi wí.

Ó yọ íyáfóònù náà. Ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ẹyin.

"Ṣé ó pè mí níbẹ̀?" ó bi mí. "Nínú gbogbo ohun tó kà sílẹ̀ yẹn."

"Rárá, Bàbá. Nọ́ńbà àti àwọ̀ aṣọ ni. Àti ariwo."

"Ká ní ó wà láàyè, tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ báyẹn, á ti pè mí."

"Á ti pè yín."

Ó wo yàrá náà yíká. Ó wo àga mi, tìmùtìmù ẹ̀yìn mi, ife omi mi, íyáfóònù tó ti bó létí nítorí pé kò sí ọjọ́ tí mi ò lò ó.

"Ìwọ ńkọ́?" ó wí. "Iṣẹ́ ohùn yìí, o ní ó ti parí kí wọ́n tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí lo ń gbọ́ ọ fún lójoojúmọ́?"

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ pé iṣẹ́ ni, pé mo ní láti yẹ̀ ẹ́ wò, pé ọ̀gá mi ló ní kí n ṣe é. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn, bàbá mi sì ń wò mí. Ẹkún ló jáde. Mo sunkún lójú bàbá mi bí ọmọ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀, mo sì ń bínú sí ẹkún náà bó ṣe ń bọ̀. Ó fà mí mọ́ra. Òórùn pákó ṣì ń jáde lára rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí.

"Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ," ó wí lókè orí mi. "Mo máa ń rò pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò kú rí ló pa òwe yẹn. Jẹ́ ká lọ sílé. Ìyàwó ń dúró dè wá, kò sì dáa ká jẹ́ kó máa dúró."

Ó wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé, ọmọ wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti di irun rẹ̀, irú èyí tí obìnrin máa ń ṣe tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò lọ pàdé ọkọ. Nígbà tó rí ojú mi tó ti wú, ó fà sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ṣé wọ́n fi ibẹ̀ hàn yín? Ṣé a ṣì ń lọ lọ́jọ́ Ajé?"

Bàbá mi bọ́ fìlà. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Láti ìgbà tí ọkọ̀ yẹn ti dojú dé, kò tíì fi ẹnu rẹ̀ pe ikú mọ́ ọmọ rẹ̀ rí, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó mi, a ò lọ mọ́. Ọkọ rẹ ti kú. Ọmọ mi ti kú."

"Ohùn ẹ̀ ńkọ́, Bàbá?" Ó ń fi gbogbo ara bi í. "Mo gbọ́ ọ. Àná yìí ni mo gbọ́ ọ, ó ń yọ̀. Kí ni ohùn yẹn wá ń ṣe?"

Bàbá mi wò mí bí ẹni pé èmi ló yẹ kí n dáhùn. Mo mọ ìdáhùn iṣẹ́, mo mọ òkúta inú àpò, mo mọ oríkèé, kò sì sí èyí tí mo lè sọ fún obìnrin tó pọn ọmọ yẹn. Bàbá mi ló dá a lóhùn.

"Ohùn náà ni kò tíì gbọ́ pé ó kú."

Nígbà náà ló tó ké. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, èmi àti bàbá mi sì jókòó sílẹ̀ tì í.